Ìdánwò Kékeré Lórí Èlé Orí Èlé: Kíláàsì Kejì, Girama Àgbà

Ẹ lè lo ẹ̀rọ ìṣirò. Ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí, n kò sì ṣàdédé kọ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí pé gbogbo èyí tí kò tọ̀nà ni ó ní àṣìṣe tó bí i.

1. Ìyá aláta kan fi ₦250,000 pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún ọdún méjì. Èlé jẹ́ 12% lọ́dún, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń kà á mọ́ ojú owó. Èló ni yóò gbà?
(a) ₦313,600.00
(b) ₦315,619.24
(d) ₦316,692.52
(e) ₦317,433.66

2. Ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn yá ₦180,000 ní èlé 15% lọ́dún, tí wọ́n ń kà mọ́ ojú owó lóṣooṣù. Bí kò bá san kọ́bọ̀ fún ọdún mẹ́ta, èló ni gbèsè rẹ̀ yóò jẹ́, sí náírà tó súnmọ́ ọn jù?
(a) ₦280,800
(b) ₦281,502
(d) ₦281,510
(e) ₦281,520

3. Ẹgbẹ́ kan ń san èlé 7% lọ́dọọdún lórí ₦47,350. Òfin wọn ni pé kí akápò sọ èlé ọdún kọ̀ọ̀kan di odidi náírà tó súnmọ́ ọn jù kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì ka 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan. Èló ni owó náà yóò dà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta?
(a) ₦58,004
(b) ₦58,005
(d) ₦58,006
(e) ₦58,007

Ìdáhùn àti àlàyé

Ìbéèrè 1 ni (d). 12% tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ 3%, ìgbà mẹ́jọ ni a ó sì kà á: 250,000 × 1.03⁸. Ẹni tó kà á lọ́dọọdún ni yóò mú (a), ẹni tó kà á ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà yóò mú (b), ti oṣooṣù ni (e).

Ìbéèrè 2 náà ni (d). Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé 1.0125³⁶ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti gé e ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ fi 1.5639438 hàn. Ẹni tó kọ 1.56 sílẹ̀ pàdánù ₦710; 1.564 fi ₦10 kún un, 1.5639 sì dín ₦8 kù. Ẹ jẹ́ kí iye náà wà lórí ẹ̀rọ títí ẹ ó fi sọ ọ́ di púpọ̀.

Ìbéèrè 3 ni (e), níbi tí ẹni tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi òkè yìí yóò ti gba òdo, nítorí pé òfin ẹgbẹ́ ló pàṣẹ pé kí a gé e lọ́nà. Èlé ọdún kìn-ín-ní jẹ́ ₦3,314.50, ó di ₦3,315, owó sì di ₦50,665. Ti ọdún kejì jẹ́ ₦3,546.55, ó di ₦3,547, owó di ₦54,212. Ti ọdún kẹta jẹ́ ₦3,794.84, ó di ₦3,795. Ẹni tó dúró di ìparí yóò rí ₦58,005.79, yóò sì mú (d), tàbí (b) bí ó bá da kọ́bọ̀ nù. Ẹni tó ń da kọ́bọ̀ nù lọ́dọọdún ló ni (a).