Sí Àjọkẹ́, lórí àwọn iná tí ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù

Àjọkẹ́ mi,

Mo tún kí ọ kú oríire. Nígbà tí o pè mí lánàá pé o ti yege nínú ìdánwò ọkọ̀ wíwà, kò sí ẹni tí n kò ròyìn rẹ̀ fún níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ lálẹ́ pé kí ni àwòrán agolo ọ́ìlì pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ, o ní ó ń rán èèyàn létí pé àsìkò àtipààrọ̀ ọ́ìlì ti tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, òun ló sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ kí o tó gbé Kòrólà ìyá rẹ láti Kúbwà gba Zúbà lọ sí Gwàgwàládà ní ọjọ́ Ajé.

Àwọ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Iná aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù kàn ń sọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe lọ́wọ́ fún ọ ni. Iná aláwọ̀ ìyeyè ń sọ pé kí o má jẹ́ kí ó pẹ́ kí o tó dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì. Iná pupa ń sọ pé kí o dúró, kì í sì í ṣe pé kí o dúró tí o bá délé.

Agolo ọ́ìlì yẹn ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe iye ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ ló ń wọ̀n, agbára tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ni. Nígbà tí agbára yẹn bá lọ sílẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, kò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí nǹkan á fi bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ní ọdún 2012, tí o ṣì kéré, mo ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Àbájí nígbà tí iná náà tàn. Mo sọ lọ́kàn mi pé kí n ṣáà dé Kwálì ná, nítorí oòrùn mú, n kò sì fẹ́ dúró sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń lu ọkọ́, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ náà kú pátápátá. Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ le, gbogbo ọ́ìlì sì ti dà sójú ọ̀nà. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ni ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì, nítorí bí mo bá ti dúró nígbà tí iná náà tàn, bóyá ọ́ìlì tuntun àti nọ́ọ̀tì kan ni ǹ bá rà.

Nítorí náà, bí ó bá tàn, tẹ iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí o sì pa ẹ́ńjìnnì. Má pè mí kí o tó pa á. Má sì pa á nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, nítorí sítíárì á le gbagidi, bíréèkì náà á sì le lẹ́yìn tí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Èkejì ni àwòrán tó dà bíi tẹmómítà tó dúró nínú omi. Bí ó bá pọ́n, ẹ́ńjìnnì ti gbóná ju bó ti yẹ lọ, ìwọ náà sì mọ irú ooru tí a máa ń rí ní Àbújá ní oṣù kẹta, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí o sì ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná dé òpin. Yóò ni ọ́ lára, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì títí wàá fi ráyè dúró. Lẹ́yìn tí o bá pa á, má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹni yòówù tó bá wá sọ fún ọ lójú ọ̀nà pé òun mọ bí a ṣe ń ṣí i. Ìdérí yẹn ló sé omi náà mọ́ débi pé ó lè gbóná ju 100°C lọ láì hó. Bí o bá ṣí i, yóò hó lójijì, yóò sì tú sí ọ lójú.

Àwòrán bátìrì máa ń tan èèyàn jẹ, nítorí kì í sábà jẹ́ bátìrì fúnra rẹ̀ ló ní àìsàn. Ọ́tánétọ̀ ni kò fún un níná mọ́, tàbí kí bẹ́líìtì tó ń yí i ti já. Bí ó bá jẹ́ ọ́tánétọ̀ nìkan, o lè rọra wà á dé ibi tí o ti lè rí rewáyà, bí o bá pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣùgbọ́n má pa ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀nà, nítorí ó lè má tún ta mọ́. Kí ojú rẹ wà lára abẹ́rẹ́ ooru pẹ̀lú, nítorí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi nínú Kòrólà yẹn. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ń gòkè, dúró.

Ti bíréèkì jẹ́ òbìrìkìtì pupa tó ní àmì ìyanu nínú, tàbí ọ̀rọ̀ náà BRAKE. Wo háńdíbíréèkì ná, bóyá o gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá rẹ máa ń gbàgbé. Bí ó bá wà nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ sì ń rì lórí bíréèkì, fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ léraléra, fa gíà sílẹ̀, kí o sì máa fà háńdíbíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ọkọ̀ náà kò ní gbéra níbẹ̀ mọ́ àfi tí a bá fà á. Bí ó bá jẹ́ ABS aláwọ̀ ìyeyè nìkan ló tàn, bíréèkì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n má tẹ̀ ẹ́ lójijì nínú òjò.

Àwòrán ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ìyeyè, bí ó bá tàn láì ṣẹ́jú, ó lè dúró di ọ̀la kí mekáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná ń wọ inú páìpù èéfín, páìpù náà á sì gbóná gidigidi. Dín eré kù, kí o sì wá ibi tí wàá dúró sí, ṣùgbọ́n má ṣe gun orí koríko gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí iná má bàa sọ lábẹ́ ọkọ̀.

SRS ń sọ pé báàgì afẹ́fẹ́ lè má tú jáde bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. O lè wà á dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì. Bẹ́líìtì ìjókòó kò nílò àlàyé.

Ohun kan wà tó yí gbogbo ohun tí mo ti kọ yìí padà. Bí iná pupa bá tàn lálẹ́ níbi tí kò sí ilé, tí ọkàn rẹ kò sì balẹ̀, wà á lọ síbi tí èèyàn wà, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ máa bàjẹ́. N kò ní bi ọ́ léèrè owó rẹ̀. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, o kò ní san owó ìpè.

Lọ́la, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, jókòó sínú ọkọ̀, yí kọ́kọ́rọ́ dé ON láì ta ẹ́ńjìnnì. Iná ọ́ìlì, ti bátìrì, ti bíréèkì àti ti ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn. Lẹ́yìn náà, sọ háńdíbíréèkì kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí o sì ta á. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kú. Èyí tí kò bá tàn rárá ni kí o sọ fún mi, nítorí iná tó ti kú kò lè kìlọ̀ fún ọ lójú ọ̀nà. Mo ti ra àmì onígun mẹ́ta tuntun, ó wà nínú bùùtù lábẹ́ páálí omi.

Bàbá rẹ