Ìró Ìkòkò Ìyá Àgbà

Fóònù Ìyá Àgbà dún lálẹ́, nígbà tó ti fẹ́ lọ sùn.

"Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ọbẹ̀ ata tí mo ń sè yìí ń kan. Mo fi ṣúgà sí i, kò gbọ́."

"Àkànní, kí ló kọ́kọ́ wọ ìkòkò? Epo ni àbí ata?"

"Epo ni, mà. Bó ṣe gbóná báyìí ni mo da ata tí mo lọ̀ sí i."

"Pẹ̀lú omi rẹ̀?"

"Pẹ̀lú omi rẹ̀, mà."

"Gbé fóònù sún mọ́ ìkòkò. Má sọ̀rọ̀."

Ó gbé e sún mọ́ ọn. Bọ̀kù-bọ̀kù-bọ̀kù ni ìkòkò ń dún.

"Omi ló ń dún yẹn. Ata ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dín rárá. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, bíbọ̀ lásán ló ń bọ̀, adùn rẹ̀ kò sì ní jáde borí kíkan tòmátì. Ṣúgà kọ́ ló máa gbẹ omi yẹn fún ọ. Ṣí ìdérí kúrò, dín iná kù díẹ̀, kí o máa rò ó kan ìsàlẹ̀ lemọ́lemọ́ kó má baà jóná. Má pa fóònù."

Ó ń rò ó, ìyá ń gbọ́. Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, ìró yí padà. Ó di ṣàà-ṣàà, ṣàà-ṣàà. Epo pupa rú sókè, ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Ó ti ń dín báyìí. Tọ́ ọ wò."

Kò dáhùn.

"Àkànní?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹnu mi ló kún."

Ìró kejì yẹn la fi ń ṣe ATA ÌYÁ ÀGBÀ, ata díndín inú ìgò.

Tòmátì pọ́nrán kílò 6, tàtàṣé kílò 2, àlùbọ́sà kílò 1 àti ata rodo 150 giramu ni ìkòkò wa kan ń gbà. A máa ń yọ kóró tàtàṣé kúrò pátápátá, nítorí bí a bá lọ̀ ọ́ mọ́ ọn, ó lè mú kí ọbẹ̀ korò. A ó lọ̀ wọ́n, a ó sì gbé wọn kaná láìfi epo sí i, títí ṣíbí yóò fi la ìlà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí omi kò sì ní ṣàn padà bo ìlà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú. Àwa kì í kánjú níbẹ̀. Ìyẹ̀fun la lè fi mú un ki kíákíá, àmọ́ kò sí ìyẹ̀fun nínú ìgò yìí, kò sì sí àwọ̀ àtọwọ́dá.

Lẹ́yìn náà ni epo tó wọ ìkòkò mìíràn, àlùbọ́sà tí a gé wẹ́wẹ́ yóò sì dín nínú rẹ̀ títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bó bá dúdú, a ó dà á nù, torí kíkorò rẹ̀ kì í kúrò nínú ọbẹ̀ mọ́. Ata tí a ti gbẹ omi rẹ̀ wá tẹ̀ lé e, pẹ̀lú iyọ̀, a ó sì máa rò ó títí epo yóò fi rú jáde.

Ohun kan ṣoṣo la fi kún ohun tí Ìyá Àgbà ń ṣe: omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ọbẹ̀ tirẹ̀, wọ́n máa ń jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó máa pẹ́ nínú ìgò yàtọ̀. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà kì í kan tó tòmátì, kòkòrò tó ń fa májèlé sì lè dàgbà nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò sí bí ohun inú rẹ̀ kò bá kan tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí a sì ń wọn kíkan ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí ìwọ̀n pH rẹ̀, tó máa ń lọ sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, lè wà nísàlẹ̀ 4.6 kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹnu yín kò ní mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ fi ìka tẹ àárín ìdérí. Ó gbọ́dọ̀ wọnú, kó sì dúró gbọin. Bó bá ń rọ̀ tó sì ń dún tá, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá ti ṣí i, inú fíríìjì ni kó wà, ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ máa fi bù ú, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 5.

Ìgò kan jẹ́ 400 giramu, ó sì tó èèyàn mẹ́rin. Ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná ìwọ̀nba, láìbu omi sí i. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ: ṣàà-ṣàà.