Jùjú àti Hailáìfù Lójúkojú: Alẹ́ Jímọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá, Alágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, owó oṣù ti fẹ́ wọlé, eléré náà sì ti ń wẹ ìlù rẹ̀ mọ́!

Lálẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 28 oṣù yìí, ẹ máa bọ̀ ní láọ́ńjì wa ní Alágbàká. Kì í ṣe díjéè o. Kì í sì í ṣe ẹni tó máa ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ, tí yóò wá máa yanu lé orin olórin. Ẹgbẹ́ eléré ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni: gìtá mẹ́ta, kíbọ́ọ̀dù, dírọ́ọ̀mù, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti gángan méjì tí yóò máa dá ara wọn lóhùn. Ẹni tó ń ta gìtá àkọ́kọ́ náà ló ń kọrin. Ìpínlẹ̀ tó ni King Sunny Adé ti Oǹdó, tó ni Orlando Owoh ti Ìfọ̀n, ṣé inú fóònù nìkan ló yẹ ká ti máa gbọ́ gìtá ni?

OWÓ ÌWỌLÉ: ₦3,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá san án kí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27, tó parí. Lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ₦5,000 ni. Ohun mímu kan wà nínú rẹ̀, bíà tàbí mínírà. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà jẹ́ ₦35,000, ohun mímu mẹ́fà àti àwo àsun ńlá kan ló bá a rìn. Oǹdó lẹni tó ń sun ẹran náà ti ń bọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ata rẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà àkáǹtì àti ti Wasáàpù wà nísàlẹ̀ fláyà. Tí ẹ bá ti sanwó, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́, ká lè kọ orúkọ yín sílẹ̀.

ÀKÓKÒ: Ilẹ̀kùn ṣí ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Eré bẹ̀rẹ̀ ní aago 8. Ẹ jọ̀ọ́, aago 8 tí a wí yìí, 8 náà ni, kì í ṣe 8 òde ìgbéyàwó. Aago 12 la máa pa á tì, torí àwọn aládùúgbò wa náà fẹ́ sùn. Nítorí náà, ẹni tó bá yọjú ní aago 10, ìdajì ló bá, kò sì ní rí owó kankan yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ tètè dé, ẹ jẹun, ẹ yan ibi tó wù yín jókòó.

ÌMÚRA: Ìbílẹ̀ ni. Àdìrẹ, àǹkárá, léèsì, aṣọ òkè, bùbá àti ṣòkòtò, ìró àti bùbá, gbogbo rẹ̀ ló dáa. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú kóòtù, a ò ní lé e (ẹ̀yin ará sẹkitéríàtì, ẹ̀yin la ń bá wí). Àmọ́ ṣòkòtò péńpé, síńgílẹ́ẹ̀tì, sílípáàsì àti jésì bọ́ọ̀lù kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ yín ló gba ife. Ẹ̀yin ìyá wa tí gèlè yín ń kan àjà, ẹ dákun, ẹ̀gbẹ́ ògiri la tọ́jú sílẹ̀ fún yín, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí onígìtá.

Ọ̀rọ̀ owó níná: a mọ̀ pé tí gángan bá pe oríkì èèyàn, ọwọ́ kì í gbélẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà sí eléré lórí àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. A máa gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú eléré. Ẹ jó débẹ̀, ẹ ju owó sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kì yín dáadáa.

Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọlé. Ààyè ọkọ̀ wà nínú ọgbà, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀. Iná ẹ̀ńpà wá o, kò wá o, jẹnẹrétọ̀ wa méjì ti gba sáfíìsì.

Tábìlì mẹ́rìnlá péré la tò. Ẹ tag ọ̀rẹ́ yín tó máa ń sọ pé Àkúrẹ́ ò ní fàájì, kí ẹ sì pe nọ́ńbà orí fláyà kí wọ́n tó tán.