Lẹ́tà sí Màmá Ìfẹ́olúwa lórí Lẹ́sìnnì Ìrọ̀lẹ́

Àpáta, Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá Ìfẹ́olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Lẹ́tà tí ẹ fi rán Ìfẹ́olúwa ní ọjọ́ Ẹtì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní kí n máa wá kọ́ ọ ní Ìṣirò nílé yín ní Bódìjà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago márùn-ún sí aago méje ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa fún mi ní ₦40,000 lóṣooṣù. Mo dúpẹ́ pé ẹ fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò ní lè gbà á.

Àsìkò ni kí n kọ́kọ́ sọ. Pẹ́ríọ́dù 26 ni mo ń kọ́ lọ́sẹ̀ ní sáà yìí, nínú kíláàsì márùn-ún tí kò sí èyí tí ọmọ inú rẹ̀ dín ní 50, nítorí náà bí mo bá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́ẹ̀kan péré, ìwé tí mo máa rù lọ sílé láti máàkì kò ní dín ní 250. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ yín ní aago méje, tí mo bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ pàdé, aago mẹ́jọ á ti kọjá kí n tó dé Àpáta, àwọn ìwé náà á sì wà níbi tí mo kó wọn sí. Olùkọ́ tó bá sùn ní aago méjì òru kò lè wúlò fún kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀, inú kíláàsì yẹn sì ni ọmọ yín wà.

Àmọ́ bí mo tilẹ̀ ní àyè, n kò ní gbà á. Èmi ni mo ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò wọn, èmi náà ni mo ń máàkì í. Bí mo bá ń gbowó lọ́wọ́ yín, tí Ìfẹ́olúwa wá gba 75, ta ni yóò gbà pé òógùn rẹ̀ ló jẹ? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní dákẹ́, ojú tèmi gan-an sì lè má gún mọ́ bí mo bá mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. N kò sì fẹ́ kí ohun tí mo yẹ kí n kọ́ gbogbo ọmọ ní ojúmọmọ di ọjà tí mò ń tà fún àwọn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Mo tún yọ ìwé ìdánwò tí Ìfẹ́olúwa ti gba 46 wò, ọ̀rọ̀ náà kò sì burú tó bí ẹ ṣe rò. Ó mọ fọ́múlà dáadáa. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi kan ti gbéra lọ sí ìlà-oòrùn, tó tún yà sí àríwá, tí wọ́n wá ń béèrè bó ṣe jìnnà sí ibi tó ti gbéra. Kì í ya àwòrán. Orí ló fi ń ṣe é, á wá kọ ìdáhùn nìkan sílẹ̀. Nínú ìwé kejì Ìṣirò Wáẹ̀kì, ìbéèrè mẹ́wàá ni wọ́n ń dáhùn láàárín wákàtí méjì àti ààbọ̀, máàkì sì wà fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá gbé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣìnà nígbẹ̀yìn ṣì máa rí nǹkan mú. Ẹni tó kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà láìfi iṣẹ́ hàn kò ní rí nǹkan kan.

Ní gbogbo Ọjọ́rú, láti aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, mo máa ń dúró ní kíláàsì fún ọmọ tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìfẹ́olúwa wá láti ìgbà tí a ti wọlé. Ẹ jẹ́ kó máa wá. Nílé, kó máa ṣe ìbéèrè àtijọ́ kan lálẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ Ìṣirò, ẹ ṣáà wò ó bóyá ó ya àwòrán, bóyá ó sì to iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ olùkọ́ ilé, ẹ wá ẹni tí kì í ṣe ara wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, kó má baà dà bíi pé mo ní ìpín níbẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ ibi tí a bá iṣẹ́ dé fún un.

₦20,000 tí ẹ fi ṣe àsansílẹ̀ nìyí nínú àpò ìwé kan náà; ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Ní ti iṣu tí ẹ fi ránṣẹ́, wọ́n ti sè é ní yàrá olùkọ́ kí n tó ka lẹ́tà yín tán, n kò lè dá a padà mọ́. Gbogbo wa dúpẹ́.

Mò ń retí Ìfẹ́olúwa lọ́la lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. Kó má gbàgbé rúlà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè,
Olùkọ́ Ìṣirò.