Ìwé Ìbéèrè fún Ìpàdé Lórí Ẹ̀yáwó Ẹ̀rọ Gaàrí

Àdúgbò Òkè-Ṣọpẹ́n,
Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Agẹmọ, 2024.

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀yáwó àwọn oníṣòwò,
Ẹ̀ka báńkì yín ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ yín kú iṣẹ́. Orúkọ mi ni Abílékọ Olúbísí Odùkọ̀yà. Gaàrí ni mò ń ṣe, ó sì di ọdún kọkànlá tí mo ti dá dúró nídìí iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí mo fi ṣe é lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọdún 2017 ni mo ṣí àkántì sọ́dọ̀ yín, n kò sì yá owó lọ́wọ́ yín rí. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi láyè nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí a jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó ₦4,500,000 tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ.

Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, mo lè wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 23 tàbí Ọjọ́bọ̀ 25 oṣù yìí, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Iṣẹ́ ló jẹ́ kí n mú ọjọ́ méjèèjì yìí. Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gẹ́ ń dé láti oko, ọjọ́ náà la máa ń bó o tí a sì ń rin ín. Ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kan dáadáa, nítorí pé gaàrí Ìjẹ̀bú tí kò bá kan, àwọn oníbàárà wa kì í kà á sí gaàrí Ìjẹ̀bú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé la máa ń yan án, n kò sì lè kúrò nídìí agbada lọ́jọ́ méjèèjì wọ̀nyẹn. Bí ọjọ́ tí mo dárúkọ kò bá bá yín lára mu, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ èyíkéyìí lẹ́yìn ìyẹn dára fún mi.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi ń to àwọn ìwé mi lẹ́sẹẹsẹ fún yín kí n tó wá. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ yá owó ní ibòmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì lọ síbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ìwé owó iná tí mo mú lọ ti pẹ́ jù. Mo gba tuntun, mo padà lọ, wọ́n ní àwọn onídùúró mi kò tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan tí ẹnikẹ́ni kò fún mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti pé, ni wọ́n wá bi mí léèrè ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí. Ká ní wọ́n ti béèrè é lọ́jọ́ kìíní, ǹ bá ti sọ fún wọn pé n kò ní. Ẹ̀gẹ́ tó dé lọ́sẹ̀ náà wà nílẹ̀ láìbó nítorí pé èmi kò sí nílé. Nígbà tí a ó fi gé e wò ní ọjọ́ kẹta, ó ti ní ìlà dúdú nínú, a sì da ìdajì rẹ̀ nù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ìwé tó kù nínú èyí tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, ẹ bá mi sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Títí di òní, n kò ní ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ tèmi. Ilé ẹlòmíràn la máa ń ru ẹ̀gẹ́ lọ, iye tí mo sì ń san fún un lóṣù ń lọ sí ₦95,000. Bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ bá já, àwa náà a jókòó tì í. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísẹ̀lì ní ₦1,400,000, ẹ̀rọ ìfúnẹ̀gẹ́ oníjáàkì méjì ní ₦1,000,000, àti agbada ńlá méjì tí kì í dípẹtà, tí ààrò rẹ̀ ní ihò tí èéfín ń gbà jáde, ní ₦2,300,000. Gbígbé wọn wá àti rírì wọn mọ́lẹ̀ yóò gba ₦400,000, èmi yóò sì fi ₦900,000 ra ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà dúró lásán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000,000. Mo ti ní ₦1,500,000 níbẹ̀, ó wà nínú àkántì mi lọ́dọ̀ yín, ìyókù ni mo fẹ́ yá.

Nípa ìdánimọ̀, n ó mú káàdì ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tó ní nọ́ńbà NIN mi wá, àti káàdì ìdìbò mi. BVN mi ti so mọ́ àkántì mi. Orúkọ tó wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu báyìí. Tẹ́lẹ̀, orúkọ ilé bàbá mi ló wà lórí ọ̀kan, mo sì ti lọ ṣàtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó mú ìwé ìgbéyàwó mi dání bí ẹ bá fẹ́ rí i. Ìwé owó iná mànàmáná oṣù tó kọjá àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nípa iṣẹ́, ẹ óò rí ìwé ẹ̀rí pé orúkọ òwò mi wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, nọ́ńbà owó orí mi, àti ìwé tí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ fún mi lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ibi iṣẹ́ wò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni àkọsílẹ̀ owó. N ó mú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nínú àkántì mi fún oṣù 12 wá, tí ẹ̀ka yín ti lu òǹtẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìyẹn nìkan díwọ̀n ọjà mi. Nǹkan bí ₦1,200,000 ló ń gba inú àkántì kọjá lóṣù, nígbà tí ọjà tí mò ń tà gan-an jẹ́ nǹkan bí ₦2,100,000, nítorí pé owó lọ́wọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn alátùntà fi ń sanwó, àwọn àgbẹ̀ tí mò ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wọn náà kì í sì fẹ́ gba ohun mìíràn. Nítorí náà, n ó kó ìwé ọjà mi mẹ́ta wá. Mo ti ń kọ ọ́ láti ọdún 2021: iye ẹ̀gẹ́ tó dé, owó igi ìdáná, owó àwọn tó ń bó o, iye àpò tó jáde, ẹni tó rà á, ẹni tó jẹ mí ní gbèsè àti ọjọ́ tó san án. Ojú ewé kan tilẹ̀ ti rin fún omi ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Bí a bá yọ gbogbo ìnáwó kúrò, ₦280,000 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ṣẹ́kù fún mi lóṣù. Tí n kò bá tún san owó rínrin fún ẹnikẹ́ni, tí àwọn ẹlòmíràn ládùúgbò sì ń gbé tiwọn wá rin lọ́dọ̀ mi, mo ti ṣírò ohun tí yóò kún un. Bébà ìṣirò náà yóò wà lọ́wọ́ mi, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì sọ ibi tí mo ti ṣì í.

N ó tún mú ìwé lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, tó jẹ́rìí pé mo yá ₦600,000 lọ́dún 2022, mo sì san án tán lóṣù kẹwàá láì fa oṣù kankan. Ìwé iye owó láti ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò wà níbẹ̀, kí ẹ lè rí i pé n kò bu iye lé ẹ̀rọ. Onídùúró méjì ti gbà láti dúró fún mi: àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí yóò fi ìwé owó oṣù rẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́, àti oníṣòwò gẹdú kan tí a jọ ń gbé àdúgbò. Bí fọ́ọ̀mù onídùúró bá wà, inú mi yóò dùn kí n gbà á ṣáájú, kí wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdógò. Ilẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà méjì ti fọwọ́ sí ìwé pé kí n máa lò ó, n ó sì mú ìwé náà wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi láti fi dógò, n kò sì ní purọ́ pé tèmi ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ gba ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà náà gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Òfin ọdún 2017 lórí fífi ohun ìní tó ṣeé gbé kiri dógò fàyè gba èyí, ìwé àkọsílẹ̀ irú ìdógò bẹ́ẹ̀ sì wà lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, níbi tí báńkì lè forúkọ ẹ̀rọ sí títí gbèsè yóò fi tán. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe ìwé adójútòfò lé àwọn ẹ̀rọ náà lórí, n ó ṣe é.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo fẹ́ mọ iye èlé àti gbogbo owó mìíràn tí ẹ máa ń yọ kí owó tó dọ́wọ́ ẹni, kí n lè rí i nínú ìwé. Oṣù 24 ni mo ń rò láti fi san án, ṣùgbọ́n mo máa bẹ̀ yín pé kí ìsanwó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, torí pé oṣù méjì ni rírì ẹ̀rọ àti dídán an wò yóò gbà. Mo mọ̀ nípa àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2020, pé bí ẹni kò bá san gbèsè, a lè fa owó náà yọ nínú àwọn àkántì mìíràn tó so mọ́ BVN rẹ̀. N ó fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ojú ara yín rí ibi iṣẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn, ọjọ́ Ẹtì ló dára jù. Ẹ óò bá gbogbo wa nídìí agbada láti aago méje àárọ̀.

Nọ́ńbà fóònù mi kò yí padà kúrò ní èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù àkántì mi. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Abílékọ Olúbísí Odùkọ̀yà