Ìwé náà ti jáde o, ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó rí ohun tí mo kọ síbí láàárọ̀ nípa oyè yunifásítì tí mo gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbàgbé ẹ̀, mo ti pa á rẹ́. Àbúrò mi ló pè mí, ó ní "Àǹtí mi, ẹ kú oríire o, àmọ́ ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ kàwé yẹn ni?" Mo padà lọ kà á, hàà, "èmi" ibẹ̀ ti pọ̀ jù, àfi bí ẹni tó ń ki oríkì ara ẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.

Mo ti gboyè Bí-Ẹ́sì-Sí nínú Akáúntìn ní Yunifásítì Èkó, Akọkà. 2017 ni mo wọlé, ó pẹ́ kí n tó parí torí pé mò ń tajà mò ń kàwé ni, 2020 kòrónà lé gbogbo wa wọlé, 2022 àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì wọ oṣù kẹwàá, ìgbà tí epo tún wá gbówó lórí ní 2023, owó dánfó láti Ìdúmọ̀tà dé Yábà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ní kíláàsì. Kì í ṣe fọ́ọ́sì kíláàsì o, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì lówà ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbé káríofà Sitatísítíìsì. Inú mi dùn ṣá, mi ò ní purọ́, abẹ́ pílò ni mo gbé lẹ́tà ẹ̀ sí sùn lánàá.

Màámi ò kà ju pírámárì tíírì lọ, àmọ́ gbogbo Sátidé tí mo bá ní lẹ́kíṣọ̀ ni wọ́n ń wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù fún mi ní Balógun. Tí kọ́sítọ́mà bá béèrè mi, wọ́n á ní "ó lọ síléèwé," bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá àwọn ọmọ mi náà ṣe é, ẹ̀bà oníkókó ni wọ́n ń tẹ̀ fún wa ní gbogbo àsìkò ẹ̀sáàmù, a sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an, Ọkọ mi.

Ẹni tí mi ò tiẹ̀ dárúkọ láàárọ̀ rárá ló yẹ kó ṣíwájú, ìyẹn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọdún kejì tí mo wọlé, owó ọjà mi dín 2,700 náírà sí ohun tó wà nínú ìwé. Mo ṣírò títí, kò bọ́ sí i, ni mo bá kọjú sí ọmọ yìí, mo pè é lólè lójú gbogbo ìlà wa. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé "Àǹtí, mi ò mú owó yín," mi ò gbọ́. Nígbà tó yá a wá ń ṣe tíráyà bálánsì ní kíláàsì, ìyẹn ká wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìwé ìṣirò dọ́gba, ìyá kan tá a jọ ń kàwé, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní báńkì, ní tí iye tí ìwé fi yàtọ̀ bá ṣe é fi 9 pín láìṣẹ́ kù, ká lọ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà méjì la gbé sí ipò ara wọn. Àyà mi já. 2,700, fi 9 pín in, 300 gééré. Mo dé ṣọ́ọ̀bù mo ṣí ìwé, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ankárá tí mo tà ní 3,600, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sí 6,300.

Ojú gbogbo ìlà wa náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́ o, torí ibẹ̀ ni mo ti pè é lólè. Kò bá mi sọ nǹkan kan, ó kàn gba kalikuléítọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi 9 yẹn han òun. Látìgbà yẹn, òun ló ń ka kwẹ́ṣìn àtijọ́ fún mi lórí ìdì aṣọ tí ọjà bá dá, tí mo bá gbà á kò ní sọ̀rọ̀, tí mi ò bá gbà á á pòṣé bíi tíṣà. Òun náà ti ra fọ́ọ̀mù Jáǹbù lọ́dún yìí, Akáúntìn ló mú. Ẹ fi í sádùúrà fún mi.

Ẹ̀yin ará ìlà wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi sanwó lẹ́ẹ̀kan méjì tẹ́ ẹ ò béèrè ẹ̀, mo mọ̀ yín o.

Ẹni tó bá gba Balógun kọjá ní Sátidé kó yà sọ́dọ̀ wa, jọ̀lọ́ọ̀fù á wà, mínírà á wà. Kì í ṣe páátì o, kò sí aṣọ ẹbí, àfi tẹ́ ẹ bá kúkú fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi.