Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Iléyá: ẹ́ápọ́ọ̀tù, yàrá yín, àti owó tó kù

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìbejì, àti ìyàwó wa,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Àwọn Ìbejì ńkọ́? Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ṣì ń bínú díẹ̀ pé ọmọ àwọn á wálé kó wá lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, àmọ́ èmi ti bá wọn sọ ọ́, mo ní ilé ti kún, àwọn Ọ̀fà náà ń bọ̀, àti pé ilé yín lẹ máa kọ́kọ́ yà kẹ́ẹ tó lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún wọn.

Ó dáa, ẹ́ápọ́ọ̀tù. Tẹ́ẹ bá ti balẹ̀ l'Ékòó láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ rántí pé ibi tẹ́ẹ ti máa wọ ọkọ̀ òfúrufú Ìlọrin ò sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú ibi tẹ́ẹ balẹ̀ sí, ẹ máa gbé mọ́tò débẹ̀ ni, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni já ẹrù gbà lọ́wọ́ yín. Ẹrù gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ abẹ́lé yìí, kílò 20 ni wọ́n fún èèyàn kan, ẹ̀yin tẹ́ẹ sì ń gbé kílò 23 méjì méjì bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa san owó ẹrù àjù dandan, torí náà ẹ ya owó yẹn sọ́tọ̀, tàbí kẹ́ẹ fi àwọn bàtà yẹn sílẹ̀ (ìyàwó wa, mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi wọ́n sílẹ̀).

Tẹ́ẹ bá dé Ìlọrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá tó ń gbé Pákátá ló máa gbé yín. Síẹ́nà aláwọ̀ eérú ni, ó máa di páálí kan mú, á kọ BÀBÁ ÌBEJÌ sí i gàdàgbà. Mo ti fún un ní 15,000 náírà, epo ń bẹ nínú ẹ̀, tó bá ní kẹ́ẹ fi nǹkan kún un ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni. Tí fíláìtì bá pẹ́, àwọn ọkọ̀ yìí sì mọ̀ ọ́n pẹ́, ẹ fi wọ́ọ̀sáàpù sọ fún mi l'Ékòó kó má lọ jókòó síbẹ̀ látàárọ̀.

Aago méjì ọ̀sán ni hòtẹ́ẹ̀lì máa ń fún èèyàn ní yàrá, wọn ò ní fún yín ṣáájú, mo ti bẹ̀ wọ́n tì. Ẹ̀yin á ti dé láago mọ́kànlá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ wá sílé, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì ń bẹ. Àdéwọlé ni hòtẹ́ẹ̀lì náà wà, mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn án síbẹ̀ torí pé lọ́jọ́ Dọ́bà wọ́n máa dí ọ̀nà ààfin àti Ọjà Ọba pa, ẹni tó bá wà láàárín ìlú ò ní jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì gẹṣin wá kí Ẹ́míà, mo ti ń wá ibi tí àwọn Ìbejì á dúró sí tí ẹṣin ò ní tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání dé hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ wọ́n ti ti géètì, mégààdì ibẹ̀ sì ń sùn bí òkúta. Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán, ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò.

Owó wá. Yàrá méjì, 25,000 fún yàrá kan lálẹ́ kan, alẹ́ márùn-ún, 250,000 nìyẹn. Mo ti san 100,000, ó ku 150,000. Ẹ bá mi fi tiransífà rán an kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, sí nọ́ńbà àkáǹtì tí mo fi sí wọ́ọ̀sáàpù yín lánàá, orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì ló gbọ́dọ̀ jáde, tí orúkọ èèyàn bá jáde ẹ dúró kẹ́ẹ pè mí. Ẹ má ní ẹ máa san án pẹ̀lú káàdì òyìnbó tẹ́ẹ bá dé, torí lọ́dún Iléyá tó kọjá, mo dúró nídìí pí-ó-ẹ̀sì níbì kan fún wákàtí kan gbáko, álẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù mi, ẹni tí mo ń san fún ní òun ò rí nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ méjì lowó yẹn tó padà. Báńkì náà á sì wà ní títì fún họ́lídè. Ẹ ní kéèsì díẹ̀ lọ́wọ́, ẹyọ 200 àti 500, torí àwọn ọmọ àdúgbò á wá kí yín ní Sálà lóríṣiríṣi, wọn ò gba tiransífà.

Ẹ fi nọ́ńbà fíláìtì Ìlọrin ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí, dírẹ́bà ń bi mí. Màmá tún ní kí n sọ fún yín pé àgbò ti dé, ó ń kan géètì.

Àbúrò yín,
Ìyá Rọ̀fíà